Ta Ló Ń San Owó Wọn? Bí A Ṣe Lè Dá Ìńtánṣíìpù Gidi Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ti Agbowó

 

Ìdánwò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìsinmi gígùn sì ti dé tán. Ní irú àsìkò yìí, ìkéde kan náà ni ó máa ń kún orí Wásáàpù wa: ilé-iṣẹ́ kan ń wá akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fún ìńtánṣíìpù oṣù mẹ́ta, owó oṣù wà ńbẹ̀, ààyè kù díẹ̀. Òótọ́ ni àwọn kan nínú wọn. Àwọn mìíràn kò ní iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, owó fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kó. Èrò wa ni pé ìbéèrè kan wà tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì wúlò ju ìkìlọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pariwo lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a ń kọ́ èdè ju àwọn kan lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ètò SIWES, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ a fún wọn ní lẹ́tà àti ìwé tí wọn yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, olùkọ́ kan a sì lọ bẹ̀ wọ́n wò níbi iṣẹ́. Ẹnìkan tó dàgbà jù wọ́n lọ yóò fi ojú rí ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀ka èdè kì í sábà sí nínú ètò yẹn. Fúnra wa ni a máa ń wá ibi tí a ó ti kọ́ iṣẹ́ rédíò, iṣẹ́ ìtumọ̀ tàbí iṣẹ́ ìwé títẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń lọ wò ó bóyá ibẹ̀ wà lóòótọ́. Àlàfo yìí ni àwọn agbowó rí.

Ìkìlọ̀ tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o san owó, sá!" Ìkìlọ̀ náà dára, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí kò fi wọ ọ̀pọ̀ nínú wa létí: nílẹ̀ Yorùbá, sísan owó láti kọ́ṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì. Ta ni nínú wa tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, iṣẹ́ irun dídì tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì? Òbí a mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn a sọ iye ọdún àti owó ìkọ́ṣẹ́, wọn a tọwọ́ bọ̀wé. Nígbà tí ọmọ bá parí, wọn a tún náwó fírídọ̀mù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé ká san ẹgbẹ̀rún mélòó kan kí a tó bẹ̀rẹ̀, kò dún bí olè létí wa. Ó dún bí àṣà.

Ibi tí ó yẹ kí a ronú sí nìyẹn. Kí ni àwọn òbí wa máa ń rí kí wọ́n tó sanwó fún ọ̀gá aránṣọ? Wọn a rí ṣọ́ọ̀bù. Wọn a rí aṣọ àwọn oníbàárà tó wà lórí ìkọ́, èyí tí wọ́n ń rán lọ́wọ́ àti èyí tí oníbàárà ń dúró dè tìbínú-tìbínú. Wọn a rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, wọn a sì mọ ẹnìkan tó ti ibẹ̀ gba òmìnira. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé bí kò bá sí ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dún yìí, ọ̀gá náà yóò ṣì jẹun, nítorí pé àwọn tó ń gbé aṣọ wá ló ń bọ́ ọ. Owó ìkọ́ṣẹ́ kàn ń bù kún un ni.

Ìbéèrè wa nìyí: ta ló ń san owó wọn? Ilé-iṣẹ́ gidi a máa rí owó lọ́dọ̀ oníbàárà tó ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ agbowó a máa rí owó lọ́dọ̀ àwọn tó wá iṣẹ́ wá. Bí ẹ bá wo ibi kan títí, tí ẹ kò rí oníbàárà mìíràn yàtọ̀ sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin gan-an ni ọjà tí wọ́n ń ná.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan ṣàpẹẹrẹ. Ipele kẹta ló wà, ó sì gbà wá láyè láti sọ ọ́ láìdárúkọ òun. Ìkéde tó rí sọ pé ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ní Èkó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, pé ₦60,000 ni owó oṣù, ilé sì ni wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦2,500. Ó san án ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ kú oríire o, ẹ wà lára àwọn tí a yàn." Wọn kò bi í ní ìbéèrè kan. Wọn kò ní kó túmọ̀ gbólóhùn kan. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kó san ₦7,500 fún káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún béèrè ₦15,000 tí wọ́n pè ní owó ìdúró, tí wọn yóò dá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ibi owó kẹta yìí ni ọ̀rẹ́ wa ti béèrè ìbéèrè tó dára. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè yọ ₦15,000 yẹn nínú owó oṣù mi àkọ́kọ́?" Ìdáhùn wọn dé kíákíá: "Ìlànà wa kò gba bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń dúró de ààyè yín. Ẹ sanwó kí aago mẹ́fà tó lù."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tó ní òun yóò máa san ₦60,000 fún yín lóṣooṣù kò lè yọ ₦15,000 nínú rẹ̀. Bí owó oṣù náà bá wà, kí ló dé tí kò ṣeé yọ? Kò ṣeé yọ nítorí pé kò sí níbìkankan. Ìbéèrè yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì ní ìwọ̀sí nínú. Ilé-iṣẹ́ gidi tó nílò owó káàdì lè gbà, ó sì lè ní kí ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu. Agbowó nìkan ni yóò bínú, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago dẹ́rù bà yín.

Ẹ tún wo ìdí tí owó àkọ́kọ́ fi kéré. Ká ní ènìyàn 300 ló san ₦2,500 fún fọ́ọ̀mù, ₦750,000 nìyẹn. Ká ní 80 nínú wọn san ₦7,500, ₦600,000 nìyẹn. Ká ní 30 péré ló dé ibi owó ìdúró, ₦450,000 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000, ẹnìkan kò sì tíì túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Owó kékeré ti àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń ṣẹ́ àwọn tó ṣetán láti san òmíràn kúrò lára àwọn tó kàn ń wòran. Ó tún kéré débi pé ẹni tó pàdánù rẹ̀ yóò wò ó pé owó ọkọ̀ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá lọ àti bọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, yóò sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni èrè wọn tó tóbi jù.

Báwo ni à bá ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde lápò? Nǹkan mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa wò nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. A ó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi hàn àti ohun tí kò lè fi hàn, nítorí pé ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé a máa ń rí ẹ̀rí kan ṣoṣo, a ó sì fọkàn balẹ̀.

Èkíní ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC wà lórí lẹ́tà wọn. Ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wá orúkọ tàbí nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ láìsanwó. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ló jáde. Wọ́n ti yá nọ́ńbà ẹlòmíràn lò láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ká ní orúkọ náà bára mu ńkọ́? Kò tíì tó. Ìforúkọsílẹ̀ ń sọ fún wa pé ẹnìkan lọ san owó, ó sì gba orúkọ kan. Kò sọ pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, kò sì sọ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ wá láti ibẹ̀. Nọ́ńbà tí kò bára mu lè tú àṣírí irọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bára mu kò lè jẹ́rìí òótọ́. Ẹ lo ọwọ́ kan yẹn, ẹ má lo èkejì.

Èkejì ni orúkọ tó wà lórí àkáǹtì. Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, báńkì yín yóò gbé orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì jáde lójú fóònù. Orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ló jáde fún ọ̀rẹ́ wa, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Wọ́n sọ fún un pé akọ̀wé owó wọn ni. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lè ṣí àkáǹtì ní orúkọ ara rẹ̀, kò sì nídìí tí owó tó tọ́ sí i yóò fi wọ àpò akọ̀wé. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yẹn sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ kò ní san. Ẹ̀rí ni.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí ìkànnì wọn. Orí ìkànnì náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọdún 2009 ni àwọn ti ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ bọ̀. Bí àdírẹ́sì ìkànnì bá parí sí .com, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sí lookup.icann.org, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó wà níwájú "Created". Ọjọ́ 23 péré ni ìkànnì náà ti wà láyé. A kò sọ pé ìkànnì tuntun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ o, ilé-iṣẹ́ gidi a máa ṣí ìkànnì tuntun. Irọ́ tó wà láàárín ọdún 2009 àti ọjọ́ 23 ni ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kàn wo ọjọ́ orí. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n sọ nípa ara wọn.

Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, ẹ padà sórí ìbéèrè wa: ta ló ń san owó wọn? Iṣẹ́ ìtumọ̀ ní oníbàárà tí a mọ̀: ilé-iṣẹ́ oògùn, àwọn tó ń ṣe ìpolówó ọjà, àwọn tó ń ṣe fíìmù, ìjọ, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ìlera ní abúlé. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà kí wọ́n tó dá owó lé iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lóòótọ́ yóò lè sọ irú ìwé tí àwọn máa ń túmọ̀, yóò sì lè fi èyí tó ti jáde síta hàn. Kò ní gbà yín láìdán yín wò, nítorí pé bí ẹ bá fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ nínú ìwé oògùn, òun ni oníbàárà yóò mú. Ẹni tó gba ènìyàn 300 fún iṣẹ́ ìtumọ̀ láìka gbólóhùn kan tí wọ́n kọ kò ní oníbàárà tó ń bẹ̀rù.

Ìṣọ́ra kan wà níbí o. Ìdánwò ìtumọ̀ tí kò ju 200 tàbí 300 ọ̀rọ̀ lọ kò burú. Bí wọ́n bá fi odindi ìwé ránṣẹ́ pé kí ẹ fi ṣe ìdánwò, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀yà kejì wà tó ṣòro jù láti dá mọ̀, nítorí pé kò sí irọ́ kankan nínú ìwé rẹ̀. Ọ́fíìsì wà. Ìforúkọsílẹ̀ wà. Àkáǹtì wà ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹ ó wọlé, ẹ ó bá àwọn àga oníkè àti ọ̀dọ́ 40 bíi tiyín. Ẹ ó san owó, wọn yóò kọ́ yín ní nǹkan díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn yóò fún yín ní sátífíkéètì tó kọ ọ́ pé ẹ ṣe ìńtánṣíìpù. Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, foonu kò dún láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan. Kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá, kò sí ẹni tó wá gba iṣẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò ní, "Ṣebí wọ́n kọ́ wa ní nǹkan, wọ́n sì fún wa níwèé." Bí wọ́n bá pè é ní kíláàsì, tí wọ́n sì dá iye lé e, kò sí ìjà. Ẹni tó wù kó sanwó kíláàsì, kó san. Ìjà wa ni pé wọ́n ta kíláàsì ní orúkọ iṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá jókòó síwájú ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ni yóò hàn. Kò ní béèrè sátífíkéètì. Yóò ní, "Kí lo ṣe níbẹ̀?" Ẹni tó ti jókòó sí yàrá ìròyìn yóò dáhùn pé òun gbọ́ ohùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀, òun túmọ̀ ìròyìn aago méje, ẹni báyìí ló ń ṣàtúnṣe sí i. Ẹni tó ra sátífíkéètì kò ní ohun tí yóò sọ.

Ní ẹ̀yà kejì yìí, ìwé kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ yín ni yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kí ẹ tó gbà, láìsọ tẹ́lẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì jókòó fún wákàtí kan. Ẹ ka àwọn tó bá wọlé. Mélòó ló wá rajà tàbí gbé iṣẹ́ wá? Mélòó ló wá béèrè fọ́ọ̀mù? Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹni méjì tó ti ṣe ìńtánṣíìpù níbẹ̀ rí, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe ní ọjọ́ kejìlá?" Ẹni tó ṣiṣẹ́ yóò sọ ohun kan pàtó, kódà bó jẹ́ pé tíì ló ń po. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ yóò máa yin ilé-iṣẹ́ náà.

Báwo wá ni ti gidi ṣe máa ń rí? Ọmọ kíláàsì wa kan lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ètò wọn láti kékeré, ó sì ń gbọ́ ìpolówó ọjà láàárín ètò náà, nítorí náà ó mọ ẹni tó ń san owó wọn kó tó kúrò nílé. Wọn kò dá a lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n dáhùn, wọ́n ní kó gba lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka wa. Wọ́n gbé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì fún un pé kó túmọ̀ rẹ̀ kó sì kà á sókè, ìyá kan tó jẹ́ olóòtú ìròyìn níbẹ̀ sì ṣàtúnṣe sí ibi mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé kò sí owó oṣù, pé owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n lè gbìyànjú, àti pé ìyá olóòtú náà ni yóò máa jíṣẹ́ fún láti aago mẹ́jọ sí aago méjì. Ẹ fi wé ti ọ̀rẹ́ wa. Ìyẹn yára, èyí fà. Ìyẹn ṣèlérí ₦60,000, èyí kò ṣèlérí nǹkan kan. Ìyẹn kò ní orúkọ ọ̀gá, èyí ní ọ̀gá tó ti ń báni wí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àìrówó oṣù lé yín sá níbi gidi. Bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa lo akẹ́kọ̀ọ́ láìsanwó jẹ́ àríyànjiyàn mìíràn, a ó sì dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí a má fún yín lówó yàtọ̀ sí kí a gba owó lọ́wọ́ yín. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò ní ìkànnì, tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi àdírẹ́sì @gmail.com kọ ìwé, lè jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ tó wà lórí àtẹ yóò jẹ́rìí wọn. Ìnáwó gidi náà wà: owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, àwòrán pélébé, dátà. Ohun tó mú ìyẹn yàtọ̀ ni pé ọwọ́ onímọ́tò àti olóúnjẹ ni owó náà ń lọ, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́.

Àwọn tó máa ń sọ pé alágbàtà làwọn, pé àwọn ń wá ènìyàn fún ilé-iṣẹ́ mìíràn ńkọ́? Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa kò fi iṣẹ́ gbígba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wù. Ìwé àṣẹ wà tí a ń gbà láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ béèrè fún un. Ẹ tún pe ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ náà, kí ẹ lo nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín wá rí, kì í ṣe èyí tí alágbàtà fún yín.

Bí owó bá ti lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa yín mọ́lé. Kíákíá ni kí ẹ pe báńkì yín, kí ẹ ní jìbìtì ni, kí ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà ìdúnàádúrà tó wà lórí rìsíìtì, nítorí owó tí kò tíì kúrò nínú àkáǹtì ẹni tó gbà á nìkan ni ìrètí wà pé wọ́n lè dá dúró. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí Wásáàpù rẹ́ nítorí ìbínú. Lẹ́yìn náà, ẹ kóra yín jọ. Ẹjọ́ ẹnìkan tó pàdánù ₦2,500 rọrùn láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀sùn kan tí ènìyàn 20 fọwọ́ sí, tí orúkọ àkáǹtì kan náà wà nínú rìsíìtì gbogbo wọn, ti di ọ̀rọ̀ ńlá níwájú ọlọ́pàá tàbí EFCC. Òfin ọdún 2006 tó de jìbìtì owó àsansílẹ̀ sọ pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó fi ẹ̀tàn gba owó yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju ọdún 20 lọ, láìsí ààyè pé kó san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tún lè pàṣẹ pé kó dá owó padà fún ẹni tó ni ín.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. A fẹ́ kí ẹ̀ka wa ní ìwé kan, ìwé ńlá olójú-ìlà lásán, tí yóò wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé. Gbogbo ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé yóò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin síbẹ̀: orúkọ ibẹ̀, orúkọ ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó ṣe ní ti gidi, àti iye tó san bí ó bá san. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ilé ìwé ìròyìn, ilé ìtẹ̀wé àti ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀, ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ tiyín. Òbí tó ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá aránṣọ máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ rí?" Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá béèrè irú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò wò. Ẹ jẹ́ kí ó ní.